Túndé Méjì, Ìlà Kan

Nàfísátù kì í ka ìwé láìfi rúlà sábẹ́ ìlà. Bó jẹ́ lẹ́tà ni, rúlà. Bó jẹ́ ìwé owó iná ni, rúlà. Kùránì nìkan ni kì í fi rúlà kà. Ó ní ìka ọwọ́ ló yẹ ibẹ̀.

Ìyàwó mi ni. Ó ti kú.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Òfì ni bàbá rẹ̀ ń hun. Ó sọ fún mi pé láti kékeré lòun ti máa ń jókòó ti bàbá òun, tí bàbá á ní, "Nàfí, wò ó, owú wo ló ṣìnà níbẹ̀?" Òun á sì fọwọ́ kàn án. Ó ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí i. Ìlà lọ sókè, ìlà lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tójú rẹ̀ bá kúrò lórí ìlà, aṣọ á bàjẹ́.

Ó kọ́ táípù ní Mọ́kọ́lá, ó wá kọ́ kọ̀ǹpútà. Bọ̀ọ̀dá Kabir gbà á sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Agbowó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọtokọ́pì, tí wọ́n ń ta iṣẹ́ ìwé fún àwọn ọmọ yunifásítì. Èmi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní òdìkejì títì. Fọ́ọ̀mù tú ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ Bọ̀ọ̀dá Kabir ló fà mí dé ọ̀dọ̀ Nàfísátù. Nígbà tó yá, bí jẹnẹrétọ̀ náà bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, inú mi kì í dùn.

A fẹ́ra. Ará ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni wá nílé wa, mùsùlùmí lòun. Kò sí ẹni tó bá wa jà sí i. Ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tiẹ̀, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tèmi. A ń gbé nínú ilé bàbá mi ní Agbowó. Bọ̀ọ̀dá mi, Adégbénró, wà ní yàrá iwájú pẹ̀lú ìyàwó wọn, Títílọpẹ́. Àwa wà lẹ́yìn.

Ojú bàbá mi kò dára. Nǹkan funfun bo ẹyin ojú wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọn kò fi rí nǹkan kan mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kú. Lásìkò tí wọ́n kú, oyún wà nínú ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi, oyún wà nínú Nàfísátù. Ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi kọ́kọ́ bí. Ọkùnrin. Babátúndé ni, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí Nàfísátù fi bí tiẹ̀. Ọkùnrin.

Mo ní kí á wá orúkọ mìíràn. Àwọn àgbà ilé ní kí ni mò ń sọ.

"Ṣé ìwọ mọ èyí tí bàbá rẹ gbà wá nínú àwọn méjèèjì?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Àwa náà ò mọ̀. Babátúndé ni èyí, Babátúndé ni tọ̀hún. Ẹni tó bá jẹ́ òun, á jẹ́ ẹ."

Bó ṣe di Túndé méjì nìyẹn. Túndé Ńlá ni ti bọ̀ọ̀dá mi, Túndé Kékeré ni tèmi. Oríkì la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ tí ọ̀rọ̀ bá le. Ti bọ̀ọ̀dá mi ń jẹ́ Àdìó, tèmi ń jẹ́ Àlàó. Bí Nàfísátù bá pe Àlàó, Túndé mọ̀ pé eré ti parí.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé la rí i ní ojú àwọn méjèèjì. Funfun kan náà. Àwọn àgbà ní, "Ẹ ò rí i? Bàbá ló padà wá lóòótọ́. Ó gbé ojú rẹ̀ wá." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nàfísátù dìde kúrò níbẹ̀.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló máa mú un kúrò, kí á má sì jẹ́ kó pẹ́ jù. Ó ní bí ojú ọmọ bá pẹ́ nínú òkùnkùn, ọpọlọ rẹ̀ kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń ríran mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ṣí i. Gbólóhùn yẹn ni kò kúrò lọ́kàn Nàfísátù. Ó máa ń ji mí láàárọ̀, á ní, "Ó ti ń pẹ́ o."

Ní ọdún 1994, a gbọ́ pé àwọn dókítà òyìnbó ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Ring Road. Ojú àwọn ọmọdé ni wọ́n fẹ́ ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n máa lè ṣe. Wọ́n ní kí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kọ orúkọ àwọn ọmọ tiwọn wá. Bọ̀ọ̀dá mi kọ orúkọ Túndé Ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nàfísátù kọ ti Túndé Kékeré lọ́dọ̀ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí Agbowó. Ó kọ oríkì rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní kí ìyáálé òun náà kọ ti ọmọ tiwọn mọ́ ọn, wọ́n sì kọ ọ́. Ọmọ méjì, ibi méjì. A kò rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Kabir, mò ń tú páìpù èéfín jẹnẹrétọ̀ wọn. Ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú báàgì lábẹ́ apá. Ó wọ táì. Ó ní Wándé lorúkọ òun, òun ló ń tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ ní ilé ìwòsàn Ring Road.

"Wọ́n ní ẹnì kan wà níbí tó mọ Lotus."

Lotus lorúkọ ohun tí wọ́n ń lò nínú kọ̀ǹpútà nígbà náà bí wọ́n bá fẹ́ to orúkọ tàbí nọ́ńbà sórí ìlà.

"Èmi ni, sà," ni Nàfísátù wí. "Ẹ mú dísíkẹ́ẹ̀tì yín wá."

"Dísíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Kò ní wọ inú kọ̀ǹpútà Agbowó mọ́ láéláé. Èyí tí mo mú wá sí àdúgbò yìí lọ́jọ́sí, fáírọ́ọ̀sì tó kó délé pọ̀ ju ẹ̀fọn lọ."

Bọ̀ọ̀dá Kabir gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń ka owó. "Ọ̀gá, ẹ̀fọn tiwa kì í jẹ àlejò. Àfi bí ẹ bá gbé e wá láti ilé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Wándé náà rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Ó yọ bébà síta. Ó ní ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà òun gẹ́lẹ́ nìyẹn. Òun tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì da ojú kọ̀ǹpútà náà kọ sórí bébà bó ṣe rí. Òun á sún un wálẹ̀, òun á tún tẹ̀ ẹ́, ojú kan fún bébà kan. Mo yọjú wò ó. Lẹ́tà wà lókè, nọ́ńbà wà lápá òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ bàbá, orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí, àdúgbò. Ó parí síbẹ̀. Ìyókù wà lápá ọ̀tún níbi tí ojú kọ̀ǹpútà kò dé.

"Àwọn ìyá ń kọ ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì," ni Ọ̀gbẹ́ni Wándé wí. "Wọ́n á kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tún gba mọ́ṣáláṣí yọ. Ọ̀gá mi ní kí n fọ̀ ọ́ mọ́ kí n tó fi ránṣẹ́. Mo wò ó títí, ojú mi ń ṣú. Ẹ bá mi wo àwọn ìlà tó wá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ nọ́ńbà wọn fún mi. Èmi fúnra mi ni mo máa pa wọ́n rẹ́ tí mo bá dé ọ́fíìsì."

Nàfísátù ní kó jókòó. Ó to àwọn bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó mú rúlà.

Mo ti rí i tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ n kò rí i tó ṣe bíi tọjọ́ yẹn. Ó gbé rúlà sábẹ́ ìlà kan, ó ka orúkọ náà síta wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó wá ń wá a lọ nínú gbogbo bébà tó kù. Bó bá rí i, á kọ nọ́ńbà méjèèjì. Bí kò bá rí i, á sún rúlà wálẹ̀. Kò fo ìlà kankan. Ó pín bébà tó ń kọ nǹkan sí méjì. Lápá kan, ó ń kọ àwọn tó bára mu láti orúkọ dé àdúgbò. Kùdírátù Oyèdélé, ọmọ ọdún mẹ́jọ, Challenge: ìlà kẹfà àti ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Lápá kejì, àwọn tó fẹ́ jọra tí nǹkan kan sì yà wọ́n. Ìrẹ̀mídé kan wà ní Dùgbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún lókè, tó di ọmọ ọdún mẹ́fà nísàlẹ̀.

"Èyí ń kọ́?" ni Ọ̀gbẹ́ni Wándé béèrè. "Ẹyọ ọmọ kan náà ni, àbí?"

"Ó lè jẹ́ òun, ó lè máà jẹ́ òun. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ohun tó hàn lórí bébà nìkan ni mo lè sọ."

"Ẹ kú làákàyè."

"Nǹkan mìíràn, sà. Ẹ má pa á rẹ́ láti òkè o. Bí ẹ bá pa ìlà kan rẹ́, gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á gòkè, nọ́ńbà tí mo kọ fún yín kò ní bá a mu mọ́. Ọmọ ọlọ́mọ lẹ máa pa rẹ́. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo máa to nọ́ńbà rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín, èyí tó tóbi ló máa ṣáájú."

Ọ̀gbẹ́ni Wándé wo Bọ̀ọ̀dá Kabir. "Ẹ ò mọ̀ pé mo lè jí òṣìṣẹ́ yín gbé?"

"Ẹ gbé e, kí ẹ gbé ọkọ rẹ̀ náà. Òun ló jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ mi máa bàjẹ́."

Ẹ̀rín yẹn la ṣì ń rín tí rúlà fi dúró.

Mo rí i. Rúlà dúró, kò sì sún mọ́. Nàfísátù wo bébà àkọ́kọ́, ó wo èkejì, ó tún wo àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wò mí.

"Bàbá Túndé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Mo nu epo tó wà lọ́wọ́ mi sára ṣòkòtò, mo wọlé. Ó fi ìka hàn mí. Ìlà kẹsàn-án: Akinbiyi, Babatunde, 7, Agbowo. Ìlà kẹrìnlélógún: Akinbiyi, Babatunde, 7, Agbowo. Kò sí ohun tó yà wọ́n. Bí mi ò bá mọ̀ wọ́n, èmi náà á ní ẹnì kan ni.

Ó kọ ọ́. Mo rò pé kò ní kọ ọ́, àmọ́ ó kọ ọ́ sábẹ́ gbogbo ìyókù, ó fàlà yí i ká: *Ìlà 9 àti 24. Ó jọra, àmọ́ ọmọ méjì ni. Ẹ má pa ìkankan rẹ́.* Ó wá yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Wándé.

"Sà, àwọn méjì yìí, mo mọ̀ wọ́n. Ọmọ mi ni èyí tó wà nísàlẹ̀. Ọmọ ìyáálé mi ni tòkè."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gbẹ́ni Wándé. Kò bínú. Ó kàn dà bí ẹni tó rẹ̀.

"Madam. Ẹ̀yin náà?"

"Ọlọ́run gbọ́. Bàbá ọkọ mi ló kú, wọ́n wá bí wọn."

"Lọ́sẹ̀ kan náà?"

"Lọ́sẹ̀ kan náà."

"Wọ́n wá sọ wọ́n ní orúkọ kan náà. Ojú kan náà ló ń dùn wọ́n. Ilé kan náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Òótọ́ ni, ó sì ń dún bí irọ́.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ ti àkọ́kọ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Wándé wí. "Mo rántí. Mọ́ṣáláṣí ló kọ ti èkejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Madam, kí ni mo sọ fún yín nígbà tí mo wọlé?"

Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ọmọ náà wá. Wọ́n wà nílé. Ẹ ó fojú ara yín rí wọn."

"Obìnrin kan mú méjì wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kúnlẹ̀, ó búra. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló yá wá, kò sóhun tó ṣe ojú ọmọ yẹn." Ó mi orí. "Kí ni mo fẹ́ fi mọ̀?"

"Mo mọ ohun tí ẹ lè fi mọ̀," ni Nàfísátù wí. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ di rúlà mú. "Àpótí tí orúkọ wà nínú ẹ̀ kò fẹ̀. Lẹ́tà mẹ́sàn-án péré ló ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. Babatunde ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Bí nǹkan mìíràn bá wà lẹ́yìn ẹ̀, kò lè hàn, nítorí ọjọ́ orí wà nínú àpótí tó tẹ̀ lé e. A kọ oríkì wọn sí fọ́ọ̀mù. Ọ̀kan Àdìó, ọ̀kan Àlàó. Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì, ẹ kàn gbé àmì tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà lọ sórí orúkọ náà, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á hàn lókè pátápátá. Ẹ wò ó nìkan. N kò ní kí ẹ gbà mí gbọ́."

Nígbà tí Nàfísátù ṣe ìyókù tán, Ọ̀gbẹ́ni Wándé ká bébà náà sínú báàgì. Ó sanwó. Ó ní òun á wò ó.

"Ẹ ṣèlérí fún mi, sà."

"Mo ní màá wò ó, madam."

Lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí à ń jẹun, mo bi í pé kí ló dé tó fi kọ ìlà méjèèjì síbẹ̀ rárá. Ṣebí òun nìkan ló rí i.

Ó ní, "Ọkùnrin yẹn ní òun fúnra òun ló máa pa wọ́n rẹ́. Bó bá rí i fúnra rẹ̀, tí n kò kọ ọ́, ṣé á bi mí? Á kàn pa á rẹ́ ni. Mo fẹ́ kó wà lójú rẹ̀ pé ẹnì kan sọ ọ́."

Kò jẹun púpọ̀.

Ìdájí ọjọ́ kejì la jáde. A mú Túndé méjèèjì dání, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ring Road. Mégàádì kò jẹ́ ká wọlé títí àwọn òṣìṣẹ́ fi dé. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Wándé jáde sí wa, ó ti mọ ohun tí a wá ṣe. Ó wo àwọn ọmọ náà. Ó wo ojú wọn méjèèjì, tòun ti funfun tó wà nínú rẹ̀.

"Mo ti ṣe é. Wọ́n mú iná dé láàárọ̀ kùtù, ọ̀gá mi dúró lé mi lórí. Ìwé orúkọ náà ti lọ sí Èkó."

"Ṣé ẹ wo orúkọ náà bí mo ṣe ní kí ẹ wò ó?" ni Nàfísátù béèrè.

"Ọ̀gá mi dúró lé mi lórí, madam."

Ìdáhùn tó fún un nìyẹn. N kò tíì mọ̀ títí dòní bóyá ó wò ó.

"Ẹ dá a padà. Ìlà kan ṣoṣo ni."

"Ààyè tó ṣí sílẹ̀, wọ́n ti fi ọmọ tó ń dúró kún un. Gbogbo rẹ̀. Bí mo bá dá ti yín padà, ọmọ mìíràn ni mo máa yọ."

Nàfísátù la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó fẹ́ ní kó yọ ọ́. Kò lè sọ ọ́. Ọmọ ẹnì kan ni.

Wọ́n lẹ ìwé orúkọ mọ́ ògiri nígbà tó yá. Wọ́n ti fẹ àpótí orúkọ dáadáa lórí èyí tí wọ́n lẹ̀. Nàfísátù kò mú rúlà dání, ó fi ìka wá a. Ó wà níbẹ̀: AKINBIYI BABATUNDE ADIO. Oríkì náà wà nínú kọ̀ǹpútà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka wá ìsàlẹ̀, ó wá gbogbo rẹ̀ títí dé ibi tí ìwé parí. Ó tún padà sókè.

"Ti Àdìó ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí ìwé," ló sọ fún mi.

Nílé, bọ̀ọ̀dá mi gbọ́ ọ, wọ́n fọwọ́ lé orí. Wọn kò ní kí tèmi lọ dípò tiwọn, n kò sì béèrè. Nílé wa, ohun tó bá kan ẹ̀gbọ́n, àbúrò kì í fà á mọ́ ọn lọ́wọ́, pàápàá ohun tí orúkọ ti wà lórí ẹ̀. Ìyàwó wọn tẹ̀lé Nàfísátù wọ yàrá wa. Mo wà níbẹ̀.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, "ó wù mí kí n ní kí Túndé yín lọ. Láti ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti ń sọ fún ẹnu mi. Kò gbà."

"Ẹ má sọ ọ́, mà," ni Nàfísátù wí. "Èmi náà, ká ní tèmi ni wọ́n fi sílẹ̀, n kò ní sọ ọ́."

Wọ́n jókòó papọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan kò sunkún.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, gbogbo wa la lọ. Nàfísátù wọ aṣọ tó dára fún Túndé tiwa. Ó ní bí ọmọ kan kò bá wá, wọ́n lè mú un dípò. Ọ̀pọ̀ ìyá ló wà níbẹ̀ tó ro ohun kan náà. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a ń ka àwọn tó ń dé. Gbogbo wọn ń dé.

Nọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú ìwé. "Akínbíyì Babátúndé."

Ọmọ méjì dìde.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ fẹ́ tàn mí ni? Èwo ni nínú àwọn méjèèjì?"

Nàfísátù gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

"Jókòó."

"Èmi ni wọ́n pè."

"Àdìó ni wọ́n pè."

"Wọn ò pe Àdìó, Ìyá mi. Babátúndé ni wọ́n wí."

"Jókòó, Àlàó."

Ó jókòó. Títílọpẹ́ di ọwọ́ ọmọ tiwọn mú, wọ́n gba iwájú wa kọjá, wọn kò lè wo ojú wa. A dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ọmọ tí kò wá.

Túndé Ńlá ríran. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú aṣọ ojú rẹ̀, ó ń ka àwọ̀ gbogbo ohun tó wà nínú ilé síta bí ẹni tó ń pe orúkọ ẹran. Túndé tiwa jókòó tì í, ó ń bi í: "Tèmi ńkọ́? Àwọ̀ wo ni tèmi?" Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Nàfísátù wà lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń fọ abọ́. Mo gbọ́ tí abọ́ dákẹ́.

Wọ́n ní àwọn òyìnbó á padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọn kò padà. Wọ́n ní ìlú kò rọgbọ. A lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n dárúkọ owó. A tún lọ. Wọ́n dárúkọ owó mìíràn tó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nàfísátù kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn èèyàn ṣì ń mú ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà wá bá a, ti iléèwé, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kó bá wọn wá ìlà tó wá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń ṣe é. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, kó tó kọ nọ́ńbà kankan, á kọ ọ́ sókè bébà pé: *Ohun tí mo rí nìkan ni mo kọ.* Bọ̀ọ̀dá Kabir máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Ìyá Túndé, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ní kí o kọ ni, àbí nọ́ńbà?" Á rẹ́rìn-ín. Kò fi í sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Wándé wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mú iṣẹ́ wá, ó sì mú dísíkẹ́ẹ̀tì wá. Ó gbé e lé orí tábìlì. Nàfísátù ṣe iṣẹ́ náà fún un, ó gba owó, ó ní kó lọ dáadáa. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ro ọ̀pọ̀ ohun tí mo máa sọ fún ọkùnrin yẹn. Nígbà tó kọjá lára mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Mo ní, "Ẹ ṣé."

Ọdún tó kọjá ni Nàfísátù kú. Ibà ni. A rò pé ibà lásán ni. Ó ṣì ń bú mi lórí ibùsùn ilé ìwòsàn pé n kò wẹ ọmọ. Ọjọ́ kejì kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó bo ojú rẹ̀, ẹnì kan ní kí ọmọ wá wo ìyá rẹ̀. Ó sọ ọ́ kó tó rántí. Túndé Ńlá ló fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé. Túndé tiwa fi ìka wá ojú ìyá rẹ̀, láti iwájú orí wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fi rúlà wálẹ̀ lórí bébà. Kò fo ibì kankan.

Ó ní, "Ṣé ojú wọn là?"

Túndé Ńlá ní, "Wọ́n ti pa á dé."

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní àwọn dókítà mìíràn ń bọ̀. Mo gba fọ́ọ̀mù. Èmi ni mo kọ ọ́ fúnra mi, mo sì kọ oríkì ṣáájú: Àlàó Babátúndé Akínbíyì. Mo mú un lọ. Ọmọbìnrin kan ló wà nídìí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ojú kọ̀ǹpútà náà bó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ó wò mí, ó yí i sí mi. Mo wá ìlà wa títí mo fi rí i. Mo béèrè bóyá ọjọ́ orí Túndé kò tíì kọjá ti iṣẹ́ abẹ náà. Mo sọ ohun tí dókítà àtijọ́ sọ, pé kí á má jẹ́ kó pẹ́.

Ó ní òun kò mọ̀, àwọn dókítà ló máa sọ.

Wọn kò tíì ránṣẹ́ sí wa.